Kí Lẹ Ń Ṣe, Ta Lẹ sì Ń Ṣe É Fún? Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Àpèjúwe àti Ète Ilé Iṣẹ́

Ẹni tó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà wá sí ilé ẹ̀rọ kan nítòsí Kábà, ohun mẹ́ta péré ló fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n á bá òun lọ̀ ọ́, èló ni, ìgbà wo sì ni kí òun padà wá gbé e. Ká wá sọ pé ohun tó bá lára pátákó nìyí: “Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn tó gbámúṣé, tó ń pèsè iṣẹ́ tó péye fún ìdàgbàsókè àwùjọ.” Kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, bóyá katakata ni wọ́n ń yáni.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ yí i sódì. Ta ló máa kọ ọ́ sí pátákó pé iṣẹ́ jákujàku lòun ń ṣe? Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ òdìkejì rẹ̀ nípa ara rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Nínú gbólóhùn yẹn, “ọ̀gbìn” nìkan ló máa ṣẹ́ kù, òun náà kò sì tọ́, torí wọn ò gbin igi ẹ̀gẹ́ kan níbẹ̀.

Inú ìwé owó ni ìkọ̀wé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní nínú náírà mẹ́wàá tó wọlé lóṣù kan, méje wá látọwọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tiwọn wá láti lọ̀ àti láti fi jáàkì fún omi rẹ̀. Mẹ́ta yòókù wá látinú gàrí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yan, tó sì tà ní àpò fún àwọn alájàpá tó ń kó o lọ sí Lókòjà àti Àbújá. Àwọn obìnrin yẹn àti alájàpá ni oníbàárà. Àgbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe oníbàárà, torí òun ni wọ́n ń sanwó fún. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wọ ọ̀gá lọ́kàn, ó kọ “fún àwọn àgbẹ̀”, obìnrin tó ru igbá ẹ̀gẹ́ kan sì rò pé wọn ò pe òun.

Nítorí náà, àpèjúwe náà lè lọ báyìí:

“À ń bá àwọn ará Kábà àti Ìjùmú lọ ẹ̀gẹ́, a sì ń fi jáàkì fún omi rẹ̀. Ẹ bó o wá láti ilé. A kì í báni yan gàrí. A tún ń ta gàrí tiwa ní àpò fún àwọn alájàpá.”

Iṣẹ́ tó ń mú owó tó pọ̀ jù wá ló ṣáájú. “Ẹ bó o wá” dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n àìsí i ló ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Iye owó kò sí níbẹ̀, torí owó epo dísẹ́ẹ̀lì kì í dúró lójú kan.

Ète ilé iṣẹ́ ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: kí ló dé tí a fi wà? Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró deni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ète tó bá ìyẹn mu nìyí: “Ẹ̀gẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án, a ó lọ̀ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú.” Ní alaalẹ́, ẹnikẹ́ni lè wo ilẹ̀ ilé ẹ̀rọ kó mọ̀ bóyá wọ́n mú un ṣẹ. Ó sì ń náni lówó, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́, èkejì gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀gá tí kò ní ra ẹ̀rọ kejì kò gbọdọ̀ kọ ọ́. “Láti di ilé gàrí tó tóbi jù ní Kogí” kì í ṣe ète ní tirẹ̀. Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ fún ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á kà á sétí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí, ká sọ pé ìyá kan lọ́jà. Èdè Ọ̀kun ló dáa kí wọ́n fi sọ ọ́ fún un, torí ọ̀rọ̀ òfìfo máa ń rí ibi sá pamọ́ sí nínú Yorùbá orí rédíò. Wọ́n á wá bi í pé kí ló máa gbé lọ, kí ló sì máa gbé bọ̀. Tó bá ní “wọ́n ń ta gàrí” nìkan, iṣẹ́ lílọ̀ kò tíì hàn tó nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, yàtọ̀. Wọ́n lè kọ irú òwò tó gbòòrò síbẹ̀, kí ààyè lè wà fún ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé lọ́la. Àṣìṣe ni láti da ìyẹn kọ sára pátákó. Ara àpò gàrí ńkọ́? Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú àpèjúwe yẹn nìkan ló tó síbẹ̀, torí alájàpá kò bá ti ẹ̀gẹ́ lílọ̀ wá.