Ṣúgà 24, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ṣúgà 16, wọ́n dá wa dúró

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Nígbà Iléyá, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 24, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá 16 péré ni, wọ́n sì dá a dúró, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ṣé kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù ló léwu ni? (Ìyá kan ní Kubwa, Àbújá)

Ìdáhùn: Ìyá wa, mo pè yín kí n tó kọ èyí, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ gba ínsúlínì rẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì.

Lọ́jọ́ Iléyá, ó gbà á. Ìrẹsì àti mínírà ìgò méjì ló gbé ṣúgà sókè. Ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, sítíríìpù tí wọ́n fi wo ìtọ̀ rẹ̀ kò sì yí àwọ̀. Wọ́n fi ínsúlínì díẹ̀ kún un, ó ti wálẹ̀ sí 11 kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ó ń bì láti òwúrọ̀, kò jẹun, ẹ̀yin sì bẹ̀rù pé bó bá gba abẹ́rẹ́ láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹ fo ti àárọ̀, ẹ tún fo ti alẹ́, èyí tó máa ń pẹ́ lára. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́ ọmọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu ti wọlé.

Láìsí ínsúlínì, ara kò lè lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ebi á máa pa ara bí ẹni pé kò sí oúnjẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ̀rá náà di kítóònù, tó jẹ́ ásíìdì, tí í sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Ọmọ tí kò jẹun kò ní oúnjẹ tó máa ti nọ́ńbà mítà sókè, nítorí náà mítà lè dúró sí 16 nígbà tí kítóònù ti kún fọ́fọ́. Àìsàn pàápàá máa ń mú kí ara nílò ínsúlínì sí i. Ẹ má fo èyí tó ń pẹ́ lára láé, kódà bí kò jẹun. Ẹ pe dókítà nípa iye èyí tó ń yára ṣiṣẹ́.

Ẹ wo kítóònù bí mítà bá fi 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bí mítà yín bá ń ka mg/dL, 250 ni. Bó bá ń bì tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ wò ó, ohun yòówù kí mítà sọ. Ẹ ti sítíríìpù bọ inú ìtọ̀ tuntun, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ìgò rẹ̀ sọ, kí ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara ìgò. Bó bá ṣe ń di elésè àlùkò tó, bẹ́ẹ̀ ni kítóònù ṣe pọ̀ tó. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ lára máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí sẹ́yìn, nítorí náà mítà kítóònù tó ń lo ẹ̀jẹ̀ dára jù. Lórí rẹ̀, 0.6 sísàlẹ̀ kò burú, 1.5 sókè, ẹ pe dókítà. 3 sókè, ọ̀nà ọsibítù ni.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró de sítíríìpù rárá: èébì tí kò dúró, inú rírun, oorun tí ẹ ò lè jí i dáadáa, ọ̀rọ̀ tó dàrú, èémí jíjinlẹ̀ tó ń yára bíi ti ẹni tó sáré, òórùn ẹnu bíi ti èso tó pọ́n jù. Ti èémí yẹn ni mo ń bẹ yín kí ẹ fiyè sí jù. Ara ń fi lé ásíìdì jáde ni. Bí mítà bá kọ HI, ó ju ohun tó lè kà lọ, ẹ gbéra.

Ohun kan tún wà fún àwa tí a wà lókè ọya. Bí ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, tí kítóònù sì ń gòkè, ẹ fura sí ìgò ínsúlínì. Èyí tó ti wà nínú mọ́tò ní oṣù Kẹta lè bàjẹ́ láìyí àwọ̀. Ẹ ṣí ìgò tuntun. Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju ooru 30°C lọ. Níbi tí iná kò ti dúró, ìkòkò amọ̀ méjì tó wọ inú ara wọn, pẹ̀lú yanrìn tútù láàárín, irú tí Mohammed Bah Abba ará Jigawa gbé jáde ní àwọn ọdún 1990, máa ń mú un tutù dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ bá dé ọsibítù lóru, ẹ kọ́kọ́ sọ pé àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ni, kí wọ́n wo kítóònù. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ibà, kí wọ́n wo méjèèjì pọ̀.