Ohun Tí Ìka Ń Ṣe sí Àmì: Ìwúwo, Ìrìn àti Àtúnkọ́ Tírígà

Ẹni tó dúró ní mítà 10 sí bébà àmì, tó na ọwọ́ kan tó di ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn mú, lè rí i pé irin ìwò iwájú àti irin ìwò ẹ̀yìn bára mu dáadáa, kí ọta rẹ̀ sì tún lọ bà sí apá òsì nísàlẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ló gbọ̀n. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra níbì kan náà, kì í sábà jẹ́ ojú tàbí ìbọn ló ní ẹ̀bi, bí kò ṣe ohun tí ìka ìfábẹ̀lá ṣe sí ìbọn ní ìṣẹ́jú kékeré tí tírígà fi já, tí ìbọn sì dún. Àlàyé yìí dá lórí ìṣẹ́jú kékeré yẹn.

Ìṣirò kan yóò fi hàn bí àṣìṣe náà ṣe ń tóbi. Ká sọ pé àlàfo tó wà láàárín irin ìwò iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 340. Mítà 10 jẹ́ mìlímítà 10,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 àlàfo náà. Nítorí náà, bí ìka bá ti irin ìwò iwájú kúrò láàyè rẹ̀ ní ìdajì mìlímítà péré, ọta yóò yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 15 lórí bébà. Òrùka 10 lórí bébà ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn fẹ̀ tó mìlímítà 11.5, ọta sì fẹ̀ tó mìlímítà 4.5. Bí etí ọta bá fara kan ìlà òrùka, òrùka náà ni a ó kà fún un, èyí tó túmọ̀ sí pé àárín ọta kò gbọdọ̀ jìnnà sí àárín àmì ju mìlímítà 8 lọ kí ó tó jẹ́ 10. Mìlímítà 15 ti di 9. Bí irin ìwò bá yẹ̀ ní odindi mìlímítà kan, ọta yóò yẹ̀ ní nǹkan bíi 29, ó sì ti di 7. Ojú kì í sábà rí ìyẹ̀sẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ń dún, nítorí ìdí èyí ni ọ̀pọ̀ ayìnbọn ṣe máa ń bú irin ìwò tí kò ṣẹ̀.

Ìwúwo tírígà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò, ìyẹn iye agbára tí ìka gbọ́dọ̀ fi fà á kí ó tó já. Nínú ìdíje mítà 10, òfin àgbáyé kò gbà kí tírígà ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn fúyẹ́ ju gíráàmù 500 lọ. Ìbọn náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń súnmọ́ kílò kan. Ìka ń fi agbára tó tó ìdajì ìwúwo ìbọn fa nǹkan tó so mọ́ ìbọn yẹn kan náà, ọwọ́ tó gbé e kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ká fi èyí wé ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí àwọn agbófinró ń lò, tí tírígà wọn wúwo tó kílò méjì ààbọ̀, tí ìbọn fúnra rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 700 lọ nígbà tí kò bá ní ọta nínú. Níbẹ̀, agbára ìka ju ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ìbọn lọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yẹn bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó lọ tààrà sẹ́yìn, gíráàmù 250 ni yóò máa ti ìbọn sí ẹ̀gbẹ́. Lórí tírígà onígíráàmù 500, 50 péré ni. Ohun tí tírígà tó fúyẹ́ ń ṣe kò ju èyí lọ: ó ń dín ìyà àṣìṣe kù, kò mú àṣìṣe náà kúrò.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo yìí rọrùn. Wọ́n á gbé ìbọn tí kò ní ọta dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n á fi ìkọ́ so ohun ìwọ̀n gíráàmù 500 mọ́ àárín tírígà, wọ́n á sì rọra gbé ìbọn sókè. Bí tírígà bá gbé ohun ìwọ̀n náà kúrò nílẹ̀ láìjá, ó yege. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ ní Àbújá lè fi omi inú ọ̀rá, píọ́wọ́tà tí gbogbo wa mọ̀, ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí pé èyí tó jẹ́ ìdajì lítà máa ń súnmọ́ gíráàmù 500. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló kún dọ́gba. Ibi tí a fi ìkọ́ sí ṣe pàtàkì gan-an. Tírígà ń yí lórí ìdè kan tó wà lókè, nítorí náà bí ohun tí a so bá ṣe jìnnà sí ìdè náà tó ni yóò ṣe rọrùn tó láti já. Tírígà tó gba gíráàmù 500 ní mìlímítà 20 sí ìdè yóò já ní 400 bí a bá so ìkọ́ mọ́ mìlímítà 25. Bí ìka ṣe rí náà nìyẹn. Ayìnbọn tó ń gbé ìka sókè lónìí, tó sì ń gbé e sísàlẹ̀ lọ́la, ń lo tírígà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀.

Ìrìn tírígà ni ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nínú ìbọn, eyín irin kékeré kan ló di òòlù mú, òòlù yìí sì ni yóò gbá ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́. Fífa tírígà ni ó ń yọ eyín náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́. Tírígà ìdíje sábà máa ń rìn ní ìpele méjì: ó kọ́kọ́ ń wá sẹ́yìn wẹ́rẹ́ títí ìka yóò fi kan ìdúró kan, lẹ́yìn náà ni agbára díẹ̀ sí i yóò já a. A lè pín gíráàmù 500 sí ìpele méjèèjì bó ti wù wá, mo sì gbà pé pípín ni ohun tó yẹ kí ayìnbọn kọ́ kí ó tó máa wá tírígà tó fúyẹ́ jù. Bí ìpele àkọ́kọ́ bá gba 400, tí ìkejì sì ku 100, ìka yóò ti gbé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iṣẹ́ náà nígbà tí ọwọ́ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àmì, kò sì ní ku ohun tó pọ̀ tó láti mi ìbọn nígbà tí irin ìwò bá ti dúró.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ayìnbọn alọ́wọ́ ọ̀tún kan yin ọta 10: mẹ́ta wà ní 10, méje kóra jọ sí apá òsì nísàlẹ̀ ní 9 àti 8. Tírígà rẹ̀ pín sí 250 àti 250. Kò fọwọ́ kan irin ìwò. Ó yọ ọta kúrò, ó fi ìbọn sí ipò ìdánrawò tí kì í tú afẹ́fẹ́ jáde, ó kọjú sí ògiri funfun tí kò ní àmì kankan, ó sì ń fà á nígbà tí ojú rẹ̀ wà lára irin ìwò iwájú nìkan. Nígbà tí àmì kò sí níwájú mọ́ láti fa ojú, ó rí i: irin ìwò ń fò sí òsì, ó sì ń tẹrí ba, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí tírígà já. Ìdí méjì ló wà fún un. Ṣóńṣó ìka ló fi ń fà á, ó sì ń ti tírígà sí ẹ̀gbẹ́. Ìka mẹ́ta tó kù sì ń fún ìbọn pọ̀ mọ́ ìfábẹ̀lá, èyí tó ń fa ẹnu ìbọn wálẹ̀. Ó gbé àárín oríkèé àkọ́kọ́ ìka lé tírígà kí ó lè fà tààrà sẹ́yìn, ó sì yí ìpín rẹ̀ padà sí 400 àti 100 láìdín àpapọ̀ rẹ̀ kù. Ó padà síwájú ògiri títí irin ìwò fi dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí tírígà já. Lẹ́yìn èyí nìkan ni bébà lè sọ òtítọ́ nípa irin ìwò.

Ìrìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí tírígà ti já náà ń ba yíyìn ọta jẹ́. Ìka tó ń ti nǹkan tí kò dènà rẹ̀ mọ́ yóò fò sẹ́yìn, yóò sì kọlu ìbọn kí ọta tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìṣó kékeré kan wà tí a fi ń dá a dúró. Bí a bá yí i sún mọ́ jù, tírígà kò ní lè já rárá nígbà mìíràn, nítorí náà ó yẹ kí ó ku àlàfo díẹ̀. Àṣìṣe tó léwu ju èyí lọ ni kí a dín ìdìmú eyín irin kù kí tírígà lè dà bí ẹni pé kò rìn rárá: irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè dún nígbà tí a bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ iṣẹ́ ni kí ó ṣe èyí. Òfin Nàìjíríà pàápàá ka ìbọn alátẹ́gùn mọ́ ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lé lórí.

Àtúnkọ́, ìyẹn bí tírígà ṣe ń padà so mọ́ eyín irin lẹ́yìn tí ó ti já, kò kan ìbọn tó ń yin ọta kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó kan ìbọn ìléwọ́ tó ń kọ́ ara rẹ̀ fún ọta tó kàn, bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní mítà 25. Lẹ́yìn tí ó bá dún, irin kan yóò já ìdè tó wà láàárín tírígà àti eyín irin kúrò, kí ìbọn má baà máa dún léraléra nígbà tí ìka ṣì tẹ̀ ẹ́. Ìka gbọ́dọ̀ rọra jọ̀wọ́ tírígà síwájú títí yóò fi tún kọ́, pẹ̀lú ìró kékeré tí ìka lè mọ̀ lára. Nínú ìpele tí a ti ń yin ọta 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, bí ti àkọ́kọ́ bá gba ìṣẹ́jú àáyá 3, mẹ́rin tó kù ní 7 láti pín, tí kò tó méjì-méjì. Ẹni tó di tírígà mú sẹ́yìn títí irin ìwò fi padà sórí àmì, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ti fi àkókò rẹ̀ tòfò, yóò sì já èyí tó kàn gbà. Ìgbà tí ẹnu ìbọn ń gbókè ni kí ìka jọ̀wọ́ tírígà, kí gbogbo nǹkan lè ti ṣetán nígbà tí irin ìwò bá sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan máa ń dúró síbi ìró náà gan-an, wọn kì í jọ̀wọ́ kọjá rẹ̀. Ó rẹwà létí, ṣùgbọ́n kò pé nígbà tí ara bá ń kánjú, nítorí bí ìka bá jọ̀wọ́ díẹ̀ dín, tírígà yóò kú sọ́wọ́, ìbọn kò ní dún, ìdíje yóò sì máa lọ. Ó dára kí ó kọjá ìró náà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí awọ ìka má kúrò lára tírígà, nítorí ìka tó fò kúrò yóò padà wá bí ẹni tó ń gbá a.

Ọyẹ́ tún ń yí gbogbo èyí padà. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku ní Kánò, Kàdúná àti Àbújá máa ń wọ inú ìbọn, ó sì ń pò mọ́ òróró, tírígà tó ń rìn wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há díẹ̀díẹ̀ kí ó tó já. Ìka tí òtútù òwúrọ̀ mú kì í sì gbọ́ ìdúró ìpele àkọ́kọ́ dáadáa. Nínú ìbọn, òróró tó kéré gan-an ni kí a fi sí i lẹ́yìn tí a bá ti nù ún mọ́, kí a sì tún wọn tírígà náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó jẹ́ 500 géérégé kí ọyẹ́ tó dé lè má jẹ́ 500 mọ́ lẹ́yìn tí a bá nù ún.