Akọ̀wé Àká Ló Kọ́kọ́ Wọn Iṣẹ́ Ilé Ìkẹ́rùsí

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí pé ibo ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ wọn ti ṣẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n máa tọ́ka sí, àfi àwọn díẹ̀ tó máa ní Jàpáànù ni. Èmi ò gbà. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ìgbawọlé ẹrù fún ọdún bíi mélòó kan, mo sì ti ka ìwọ̀n tí agbára mi ká nípa ìwé ìṣirò àwọn ará àtijọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ àká ọkà ní ilẹ̀ Súmérì, ní gúúsù ibi tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, ti ń bára rẹ̀ fa ìbéèrè mẹ́ta tí àwa náà ń fà lójoojúmọ́. Ṣé ohun tó jáde bá ohun tí wọ́n béèrè mu? Ìgbà wo lẹrù wọlé, ìgbà wo ló délẹ̀ sí ààyè rẹ̀? Ohun tó wà nínú àká, ṣé ó ń jáde lọ tàbí ó kàn jókòó síbẹ̀? Àwa là ń pe ẹ̀kíní ní ìpéye ọ́dà, tí à ń pe ẹ̀kẹta ní ìyípo ọjà. Ẹ̀kejì ò tiẹ̀ lórúkọ tó dùn létí: àkókò láti ẹnu ọ̀nà ìjẹ́rù títí dé orí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Uruk, ìlú kan nílẹ̀ Súmérì. Wọ́n rí wàláà amọ̀ kan tó ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún, tí ohun tó wà lára rẹ̀ ò ju bíi gbólóhùn kan lọ: òṣùwọ̀n ọkà báálì 29,086, oṣù 37, Kushim. Awuyewuye wà lórí Kushim. Àwọn kan ní orúkọ èèyàn ni, àwọn kan ní orúkọ oyè tàbí ti ọ́fíìsì ni. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní èèyàn ni, nítorí kò sí ẹni tó ti tọ́jú ẹrù rí tí kò ní mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹni mú bí iye ò bá pé.

Oṣù 37 yẹn ti fún mi ní ìrònú púpọ̀. Ọdún mẹ́ta, oṣù 36 ni. Ibo ni oṣù kan yòókù ti wá? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oṣù tí wọ́n fi kún kàlẹ́ńdà kí òṣùpá àti àsìkò ìkórè lè bára mu. Ó sì tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oṣù kan lẹ́yìn tí ọdún mẹ́ta pé ni wọ́n tó parí kíkà ọkà. Ẹni tó bá ti ka ẹrù ìparí ọdún rí, tó rò pé ọjọ́ méjì ni, tó wá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní bá mi jiyàn. Bó ti wù kó rí, ẹ pín 29,086 sí ọ̀nà 37, ẹ ó rí 786 lóṣù kan. Apá kan ìṣirò ìyípo ọjà nìyẹn, ìyẹn iye tó ń kọjá nínú àká. Apá kejì ni iye tó sábà máa ń wà nílẹ̀, tí à ń fi pín ẹ̀kíní, wàláà yìí ò sì sọ ọ́. Ká ní òṣùwọ̀n 3,144 ló máa ń wà níbẹ̀, tó jẹ́ ọkà oṣù mẹ́rin gééré, á jẹ́ pé 9,432 tó ń kọjá lọ́dún kan ti yí àká náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣirò tí ọ̀gá ọ̀dọ̀ wa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà náà nìyẹn, àfi pé iye owó tí wọ́n ra ọjà ló fi ń ṣe tirẹ̀ dípò òṣùwọ̀n ọkà.

Ní nǹkan bí 1,000 ọdún lẹ́yìn náà, lásìkò àwọn ọba ìlú Uri, iṣẹ́ náà ti gbòòrò. Ibùdó ẹran ọ̀sìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Puzrish-Dagan, níbi tí wọ́n ti ń gba màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ wọlé, tí wọ́n sì ń pín wọn jáde. Àìmọye wàláà ni wọ́n ti hú jáde níbẹ̀. Wọ́n máa ń kọ iye ẹran sí i, ẹni tó mú un wá, ẹni tó gbà á, lẹ́yìn náà ọjọ́, oṣù àti ọdún. Èyí tó bá jáde, wọ́n á kọ ba-zi sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ sí ìgbawọlé, tó tún ń fi ọjọ́ sí ìyọkúrò, ti mọ iye ọjọ́ tí ẹran kan lò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà má tíì fún un lórúkọ.

Ìwé ìparí ọdún wọn ló wú mi lórí jù. Wọ́n á kọ àṣẹ́kù ọdún tó kọjá, wọ́n á fi èyí tó wọlé kún un, wọ́n á yọ èyí tó jáde. Bí iye bá lé, diri ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá dín, wọ́n á kọ ọ́ sí alábòójútó náà lọ́rùn ní gbèsè, á sì bá a wọ ọdún tuntun. Ẹni tó bá ń wá orírun ìpéye, kó wá a síbi tí àìpé ti ń dunni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó dé ayé àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọjà tó wà nílẹ̀, tí àwa náà ti sọ di sítọ́ọ̀kì, kùkùté igi ló ń jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ ìṣúra ọba máa ń fi ọ̀bẹ gé igi kí wọ́n fi ka owó. Ibi tí wọ́n gé fún 1,000 pọ́n-ùn máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ti 100 pọ́n-ùn tó àtàǹpàkò, ti 20 pọ́n-ùn tó ìka tó kéré jù. Wọ́n á wá la igi náà sí méjì gbọọrọgbọ, kí ẹni tó sanwó mú apá kan, kí ìṣúra mú apá kejì. Sítọ́ọ̀kì ni orúkọ apá tó gùn, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó sanwó. Bí wọ́n bá kó méjèèjì pọ̀ tí ojú gígé wọn ò bára mu, ẹnì kan ti ṣe màgòmágó. Ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn tí a bá fi ìwé awakọ̀ wé iye páálí tó jáde nínú ọkọ̀. Ní 1834, wọ́n jó àwọn igi àtijọ́ wọ̀nyí nínú ààrò tó wà lábẹ́ ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ni iná bá ràn mọ́ ilé, ó sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn tó ń jà fún Amẹ́ríkà á mú Donaldson Brown jáde, ẹni tó fi ìyípo kún ìṣirò èrè ní ilé iṣẹ́ DuPont ṣáájú 1920. Ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n owó ló ń wò, kò sọ̀rọ̀ pẹpẹ. Àwọn tó ń jà fún Toyota, kí wọ́n rántí pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ni, àti pé dídín ẹrù kù yàtọ̀ sí wíwọ̀n ọ́n.

Bí mo bá máa yin ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn tó ta bàtà ni. Ní 1911, yunifásítì Harvard dá ọ́fíìsì ìwádìí ọrọ̀ ajé kan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn onísọ́ọ̀bù bàtà ni wọ́n sì kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ bàtà bá ìyípo mu gan-an, torí àwọn ẹsẹ̀ àárín a máa tètè lọ, àwọn tó kéré jù àti àwọn tó tóbi jù á sì jókòó síbẹ̀ títí ekuru á fi bò wọ́n. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀tàn tó wà nínú òṣùwọ̀n yìí ti hàn. Sọ́ọ̀bù kan ta bàtà 1,200 lọ́dún, 400 ló sì sábà máa ń wà nílẹ̀: ó yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó ka ọjà jẹ́ ẹ̀yìn ọdún, tí títà ti pọ̀, tí 200 péré ló kù. Ìwé rẹ̀ á sọ pé ó yí lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò sí bàtà kankan tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó ka ọjà lóṣooṣù, kó pín àròpọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà 12.

Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ irú bákóòdù tó wà lára ọjà lónìí wò níbi ìsanwó sọ́ọ̀bù, ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ àfọwọ́mú wọ ilé ìkẹ́rùsí, aago sì rọ́pò ọjọ́. Ní 1996 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìpèsè ẹrù bẹ̀rẹ̀ àwòkọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní SCOR, kí gbogbo ilé iṣẹ́ lè máa wọn nǹkan kan náà lọ́nà kan náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe é tán. Mo ní kò tíì tán torí ohun tí mo fojú rí.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan dé ẹnu géètì ní aago 7:20 àárọ̀. Ó rí ààyè kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ìjẹ́rù ní 9:45. A já a tán ní 11:05, a kà á, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní 1:30 ọ̀sán. Páálí tó kẹ́yìn gun pẹpẹ ní 4:40 ìrọ̀lẹ́. Láti géètì dé pẹpẹ, wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 20 ni. Láti ìgbà tó kọ̀yìn, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 55. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a já a tán sí ìgbà tó wọ kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá wa ń kà, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 25, òun ló sì ń kọ ránṣẹ́ sókè. Láàárín 1:30 sí 4:40 yẹn, kọ̀ǹpútà ń sọ pé ọjà wà. Ọmọ tó ń ṣa ọ́dà á rìn dé ibi tí wọ́n kọ, pẹpẹ á sì ṣófo. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣa nǹkan mìíràn tó jọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó gbé e lọ.

Ìpéye ọ́dà wa lóṣù yẹn jẹ́ 99 nínú 100. Ọ́dà 1,000 ni, ìlà mẹ́wàá-mẹ́wàá lára ìkọ̀ọ̀kan, irú ọjà kan lórí ìlà kan, ìyẹn ìlà 10,000, a sì ṣi 100. Ìlà ni wọ́n kà. Ìlà 100 tí a ṣì ò wà pa pọ̀, inú ọ́dà 100 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Nítorí náà, nínú oníbàárà mẹ́wàá, ẹnì kan ṣí páálí rẹ̀, kò bá ohun tó béèrè. Mo kọ 90 sínú ìwé tèmi, mo fi han ọ̀gá wa. Ó béèrè pé ta ló ní kí n máa ka ọ́dà.