Wíìlì ò dárúkọ yín, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà yín sì ti kú: ibo ni òfin sọ pé ilé ẹ̀ wà?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Ẹnì kan á wọ ọ́fíìsì wá, ojú á ti wú fún ẹkún, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń san owó ilé òun, òun náà ló ń fún òun lówó oúnjẹ, ó wá kú, wọ́n ka wíìlì, orúkọ òun ò sí níbẹ̀ rárá. Màá bi í pé ọjọ́ wo ni prọ́béètì jáde, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń pín ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Á ní, "Ẹ̀ẹ́n, lọ́yà, ó ti lé lọ́dún kan, a ṣì ń gbàdúrà sí i ni." Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà lòfin fún yín, láti ọjọ́ tí ìwé prọ́béètì bá ti jáde. Oṣù mẹ́fà yẹn ò dúró de ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ́ọ̀tù lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé, ó ti ṣe é rí, àmọ́ ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó dá a dúró, "wòlíì ló ní ká ṣe sùúrù" ò sì sí lára àlàyé tí adájọ́ ń wá.

Òfin tí mò ń sọ ni ti ọdún 1975, èyí tó jẹ́ kí ẹbí àtàwọn tó gbára lé olóògbé lè béèrè nǹkan nínú ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ́ńgíláǹdì àti Wélsì nìkan ló dé o, Skọ́tíláǹdì ní tiwọn lọ́tọ̀. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹni tó bá olóògbé gbé bíi tọkọtaya fún ọdún méjì gbáko títí tó fi kú, gbogbo wọn wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kàn lónìí ni àwọn tí kì í ṣe ìyàwó, tí kì í ṣe ọmọ, àmọ́ tó jẹ́ pé olóògbé ló ń gbọ́ bùkátà wọn, yálà gbogbo ẹ̀ tàbí apá kan, títí ikú fi dé. Àbúrò, ìyá àgbà tó wà nílé lọ́hùn-ún tó ń gba owó lóṣooṣù, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé yàrá òkè láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo irú wọn lè wá.

Ohun tó ń ṣe fún yín gbọ́dọ̀ jọjú ṣá. Ẹni tó ń fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí yín nígbà Kérésìmesì ò gbọ́ bùkátà yín, ó kí yín ni. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń san owó tó bá iṣẹ́ náà mu fún yín, iṣẹ́ owó nìyẹn, kò sí níbí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń se oúnjẹ fún un, tẹ́ ẹ ń bá a fọṣọ torí pé ẹ jọ ń gbélé, ìyẹn ò pa yín lára. Tó bá sì lo oṣù tó kẹ́yìn ayé ẹ̀ ní ọsibítù tí kò lè fún yín ní nǹkan kan, ẹ má bẹ̀rù, bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín yín kí àìsàn tó gbé e dè ni kọ́ọ̀tù máa wò.

Ó dáa. Ibi tó ń dùn mí gan-an la dé yìí.

Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè dọ́mísáìlì. Kò sí! Wọ́n á kó ìwé báńkì wá, wọ́n á kó wásáàpù wá, wọ́n á kó fọ́tò wá, gbogbo ẹ̀ láti fi hàn pé olóògbé ń bọ́ wọn, kò sì sẹ́nì kan tó mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níwájú gbogbo ìyẹn: nígbà tó kú, ṣé Ẹ́ńgíláǹdì àti Wélsì ni ilé ẹ̀ lójú òfin? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òfin 1975 ò sí fún yín, ì báà jẹ́ pé ní Pẹ́kámù ni ilé tó fi sílẹ̀ wà, ì báà jẹ́ pé inú ilé yẹn lẹ ti gbé fún ogún ọdún. Ibi tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ń gbé ò ṣe nǹkan kan, ìyá lè wà ní Ìjẹ̀bú kó pe ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti olóògbé nìkan ni.

Dọ́mísáìlì yìí kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé, kì í ṣe páálí tó mú dání. Ibi tó jẹ́ ilé bàbá ẹ̀ lójú òfin nígbà tí wọ́n bí i ló sábà máa ń kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, ó sì le láti já, ìgbà tó bá pinnu pé ibòmíì lòun máa fi ṣe ilé títí lọ ló tó ń já. Ẹni tó bá sọ pé ó ti já ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹni náà lẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè.

Ẹ wo ẹjọ́ Agulian àti Cyganik, tí Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn dá lọ́dún 2006. Ọmọ Sáípírọ́ọ̀sì ni olóògbé, wọ́n bí i lọ́dún 1939, ó dé Ẹ́ńgíláǹdì lọ́dún 1958, ó sì lo nǹkan bí ọdún 43 níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ó lówó gan-an, ohun tó fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6.5 pọ́n-ùn. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé tó fẹ́ fi ṣaya, 50,000 péré ló kọ fún un. Obìnrin náà gba kọ́ọ̀tù lọ, adájọ́ àkọ́kọ́ gbà pé ọkùnrin yìí ti di ará Ẹ́ńgíláǹdì, Kòtẹ́milọ́rùn ní rárá o. Wọ́n wo gbogbo ayé ẹ̀, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé, èdè wọn ló ń sọ, tẹlifíṣọ̀n ilé wọn ló ń wò, ọkàn ẹ̀ ò kúrò ní Sáípírọ́ọ̀sì. Ọdún 43! Ẹ wá fi èyí wo bàbá yín tó ń wo ètò Yorùbá lórí sátẹláìtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó kọ́lé sí abúlé, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ń bọ̀ nílé.

Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà mi, mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn ẹ̀. Màmá ẹni ọdún 61, ó gbé yàrá òkè nínú ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin fún ọdún mọ́kànlá. Kò sanwó ilé, kò san iná, ẹ̀gbọ́n tún ń fún un ní 350 pọ́n-ùn lóṣù nígbà tí wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n kú, gbogbo ilé di tàwọn ọmọ ẹ̀ méjì. Ní ti màmá yìí, ó tètè wá, oṣù kẹrin lẹ́yìn prọ́béètì, ìwé báńkì pé, mo ní kò sí wàhálà.

Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ jiyàn pé bàbá àwọn ń tọ́jú ẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ni lọ́yà wọn fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tó máa ń ní fọ́tò aláwọ̀ nínú, wọ́n fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí màmá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ: "Bùọ̀dá mi, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sọ pé àlejò lẹ jẹ́ níbí, pé ilé lẹ̀ ń lọ." Mo kà á, mo bojú wo àjà. Wọ́n tún so fọ́tò ilé tí bàbá kọ́ nílé mọ́ ọn, àti ti òkú tí wọ́n gbé lọ sin síbẹ̀.

A ò jókòó. A wá a rí pé ó ti gbé ilé tó kọ́ yẹn fún ayálégbé láti ọdún 2009, kò ní yàrá kankan níbẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀ kejì. Gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ wà níbí, òun fúnra ẹ̀ ti sanwó ibojì sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹbí ló gbé òkú lọ sílé lẹ́yìn tó kú. Ó tún kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan pé "kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé mọ́, dókítà mi wà níbí." Gbólóhùn yẹn gan-an ló gbà wá. Tí ẹnì kan bá wá rí lẹ́tà tó kọ sáwọn agbówó-orí pé òun kì í ṣe ará ibí lójú òfin, torí kó lè dín owó orí kù, ẹ mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í kú, àwọn ẹsẹkútọ̀ tó ń bójú tó wíìlì á gbé e jáde.

A yanjú ẹ̀ láì dé iwájú adájọ́. Ẹ má rò pé ó gba ìdá mẹ́ta ilé o, ogún kọ́ nìyí, owó ìtọ́jú ni. A kọ iye tó ń wọlé fún un sílẹ̀ àti iye tó máa ná tó bá gba yàrá síta, 600 pọ́n-ùn ló ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ lóṣù, ọdún márùn-ún ló kù kí owó fẹ̀yìntì tó dé, ìyẹn 36,000, pẹ̀lú 4,000 fún ìkóẹrù àti owó àsansílẹ̀. Wọ́n fún un ní 38,000 àti oṣù mẹ́fà láti fi wá ibòmíì. Ẹni tó bá ṣèlérí ìdajì ilé fún yín níbi ẹjọ́ irú èyí, ẹ sá fún un. Kódà ọmọ bíbí inú, Heather Ilott, 50,000 ni Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ fi sílẹ̀ fún un lọ́dún 2017 nínú ohun ìní ìyá ẹ̀ tó tó 486,000.

Àwọn "àgẹ́ǹtì" tó ń gba 500 pọ́n-ùn, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sáré lọ fi kafíátì dá prọ́béètì dúró, ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò: kafíátì wà fún ẹni tó ń sọ pé wíìlì náà ò tọ́, tàbí pé ẹni tó fẹ́ gba prọ́béètì ò yẹ. Tiyín ni pé wíìlì tọ́, ó kàn gbàgbé yín ni. Fọ́ọ̀mù PA1S ni kẹ́ ẹ fi béèrè bóyá prọ́béètì ti jáde, àwọn prọ́béètì á fi ìwé ránṣẹ́ sí yín tó bá jáde láàárín oṣù mẹ́fà sí i, tí kò bá sì tíì jáde ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ tó bá wà lórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ka oṣù mẹ́fà, fọ́ọ̀mù N208 ni lọ́yà yín máa fi pe ẹjọ́, ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ parọ́ níbi ìsìnkú o. Tó bá jẹ́ òótọ́ pé ilé ló ń lọ, ọ̀nà 1975 ti dí, ẹ bi ara yín bóyá ó ṣèlérí yàrá yẹn fún yín, tẹ́ ẹ sì tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ tàbí ilé tiyín sílẹ̀, torí ìyẹn ẹjọ́ ilẹ̀ ni, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í béèrè dọ́mísáìlì. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣèlérí ọ̀hún sílẹ̀, àti ẹni tó wà níbẹ̀.