Bakitéríà àti ojú pípọ́n

Bakitéríà lè kó wọ awọ fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú, tó sì tẹ́ inú ìpéǹpéjú, kí ojú sì pọ́n. Stafilokọ́kọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó sábà ń fà á. Ìpin ni àmì rẹ̀ tó hàn jù: ó máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ a sì dà bíi ti ọyún. Bí wọ́n bá nù ún tán, kì í pẹ́ tó fi tún yọ. Láàárọ̀, irun ìpéǹpéjú a lẹ̀ mọ́ra, débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kí ojú tó là.

Ibí ni oògùn ìkánsójú tó ń pa bakitéríà ti wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúlò náà níwọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn yìí ń san fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Oògùn kàn ń dín ọjọ́ náà kù díẹ̀ ni. Kuloramfẹ́níkọ́ọ̀lù ló wọ́pọ̀. Ẹ̀kán kan ni wọ́n sábà ń kán sójú ní wákàtí méjì-méjì fún ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, títí ọjọ́ 5 yóò fi pé. Ẹ̀kán kejì lẹ́ẹ̀kan náà kò níṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń ṣàn sí.

Àpólò yàtọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ní ọdún 1969 ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, lásìkò tí ọkọ̀ Àpólò 11 gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Omi lásán ló ń dà lójú, kì í ṣe ìpin kíki. Ojú a máa rìn bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹ́jọ sára funfun ojú, ojú kejì a sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Oògùn bakitéríà kò ràn án. Nítorí pé àpólò ń lọ fúnra rẹ̀, ìgò tí wọ́n kán ló sábà ń gba ìyìn. Ojú pípọ́n tó ń yún ni jù, tó ń padà wá ṣáá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ara kọ̀ ló fà á.

Ibi tó léwu ni dúdú ojú. Bí ewé àgbàdo bá gbá àgbẹ̀ lójú, tí ojú náà wá ń dùn ún gan-an, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tí ìríran rẹ̀ ń dínkù, tí àmì funfun sì yọ sórí dúdú ojú, egbò ló wà níbẹ̀. Olú tín-ín-tín, irú èyí tó ń hù lára ewé, lè ti wọ inú rẹ̀. Kuloramfẹ́níkọ́ọ̀lù kì í pa á, oògùn ìkánsójú tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù sì lè jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Dókítà ojú a ha díẹ̀ níbi egbò náà, a yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikóòpù. Bó bá jẹ́ olú, natamáísìn ni wọ́n máa ń kán sí i, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ọmọ tuntun tí ọyún ń tú lójú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ lè ti kó àtọ̀sí lára ìyá rẹ̀. Bakitéríà ni lóòótọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó, torí ìkánsójú nìkan kò ká a, dúdú ojú sì lè lu láàárín ọjọ́ díẹ̀.