Ohun Tí Pútù àti Kọ́ọ̀lù Ń Sọ Nípa Ọkàn Ọjà Bítíkọ́ìnì

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́pṣọ̀n, ìyẹn àdéhùn tó ń fúnni ní ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan tàbí láti tà á ní iye kan, lórí IBIT, àpò ìdókòwò Bítíkọ́ìnì ti ilé-iṣẹ́ BlackRock, ní ọjà Nasdaq ní Amẹ́ríkà. Kí ọjà tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ta nǹkan bí àdéhùn 354,000. Nǹkan bí 289,000 nínú wọn jẹ́ kọ́ọ̀lù, ẹ̀tọ́ láti rà, 65,000 tó kù sì jẹ́ pútù, ẹ̀tọ́ láti tà. Bí a bá fi 289,000 pín 65,000 láti mọ ìpín pútù sí kọ́ọ̀lù, ohun tó jáde kò ju 0.22 lọ. Ẹni tó bá wo 0.22 yẹn nìkan yóò ní gbogbo ayé ló gbà pé owó Bítíkọ́ìnì yóò gòkè. Ó gòkè lóòótọ́, ó kọjá 100,000 dọ́là nínú oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó ti já wálẹ̀ kọjá 80,000.

Kọ́ọ̀lù ni ẹ̀tọ́ láti ra Bítíkọ́ìnì ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí, nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé, tàbí ṣáájú rẹ̀ bí àdéhùn bá fàyè gbà á. Pútù ni ẹ̀tọ́ láti tà á ní irú iye bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n san owó tí kò ní í gbà padà. Ẹni tó tà á gba owó náà, òun ló sì gba ewu rẹ̀ rù. Pútù dà bí adójútòfò: ẹni tó ní Bítíkọ́ìnì lọ́wọ́ ń rà á kí ọjà má bàa ṣubú lé e lórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka pútù púpọ̀ sí ìbẹ̀rù, tí wọ́n sì ń ka kọ́ọ̀lù púpọ̀ sí ìrètí. Tí ìpín pútù sí kọ́ọ̀lù bá ju 1 lọ, pútù ló pọ̀ jù. Tí kò bá tó 1, kọ́ọ̀lù ló borí.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Gbogbo àdéhùn ló ní ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á, ìpín náà kò sì bèèrè èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ dìde. Oníṣòwò tó ti ní Bítíkọ́ìnì lè máa ta kọ́ọ̀lù lóṣooṣù kó lè rí owó díẹ̀ mú sílé. Kò retí pé owó yóò fò, síbẹ̀ kọ́ọ̀lù rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ẹlòmíràn ń ta pútù nítorí ó fẹ́ ra Bítíkọ́ìnì bí ó bá rọ̀ díẹ̀. Ọkàn ẹni yẹn balẹ̀ dáadáa, àmọ́ nínú ìpín, ó dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Yàtọ̀ sí èyí, pútù olówó pọ́ọ́kú tó jìnnà sí iye ọjà, 1 ni wọ́n kà á, bí wọ́n ṣe ka pútù olówó gọbọi tó wà lẹ́bàá iye ọjà sí 1.

Ohun tó lè bá wa yanjú ìdààmú yìí ni owó tí wọ́n ń san fún ọ́pṣọ̀n. Bí àwọn tó ń rà bá pọ̀ ju àwọn tó ń tà lọ, owó náà á gbówó lórí. Bí àwọn tó ń tà bá pọ̀ jù, á rọ̀. Láti inú owó yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò ìmìtìtì tí ọjà ń retí, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń kọ sí IV. Kò sí ẹni tó lọ wọn ìmìtìtì ọjọ́ iwájú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n mú owó tí ọ́pṣọ̀n ń lọ fún, wọ́n wá bèèrè pé: báwo ni ọjà yóò ṣe mì tó kí owó yìí tó bójú mu?

Ká ní Bítíkọ́ìnì ń lọ ní 60,000 dọ́là, tí kọ́ọ̀lù 60,000 tí yóò parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ sì ń gba 3,440 dọ́là. Fún ọ́pṣọ̀n tí iye àdéhùn rẹ̀ bá iye ọjà dọ́gba, ìṣirò kúkúrú kan wà tó súnmọ́ òótọ́:

```
IV = 3440 / (0.4 × 60000 × √(30/365)) = 0.50
```

Èyí jẹ́ ìdá 50 nínú 100 lọ́dún. Láti mọ ti ọjọ́ kan, a ó fi 19.1 pín in, nítorí 19.1 ni gbòǹgbò onílọ́po-méjì 365. Ohun tó jáde jẹ́ 2.6 nínú 100, ìyẹn nǹkan bí 1,570 dọ́là sókè tàbí sísàlẹ̀ lóòjọ́. Bí kọ́ọ̀lù yẹn bá di 4,800 dọ́là lọ́la tí Bítíkọ́ìnì kò sì kúrò ní 60,000, IV ti di 70. Ọjà ń retí nǹkan bí 2,200 dọ́là lóòjọ́ báyìí. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé IV kò sọ ibi tí owó ń lọ. Ó ń sọ bí ìrìn náà yóò ṣe le tó.

Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ kà pọ̀. Ká ní ìpín pútù sí kọ́ọ̀lù gòkè láti 0.5 dé 0.9. Bí IV náà bá gòkè, àwọn ènìyàn ń du pútù rà, ìbẹ̀rù nìyẹn. Bí IV bá ń rọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé pútù ni wọ́n ń tà, kí ọkàn wọn sì balẹ̀ pé ìṣubú ńlá kò sí nítòsí. Ìpín kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí padà. Láti dá a lójú sí i, a lè fi IV pútù 54,000 wé ti kọ́ọ̀lù 66,000 tí ọjọ́ ìparí wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ti pútù bá ga jù, àwọn tó ń wá ààbò ló ń san owó jù. Ní tèmi, ìfiwéra yìí wúlò ju ìpín náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ó ṣòro láti fi owó purọ́.

Ìbẹ̀rù pàápàá ní bó ṣe ń rìn. Lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ Japan gbé iye èlé rẹ̀ sókè ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tó yá owó yẹ́ẹ̀nì láti fi ra nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, Bítíkọ́ìnì já wálẹ̀ kọjá 50,000 dọ́là. DVOL, òǹkà tí Deribit, ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ́pṣọ̀n Bítíkọ́ìnì, fi ń kó IV ọgbọ̀n ọjọ́ jọ, fò sókè, ó sì tún rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ra pútù nígbà tí DVOL wà lókè san owó adójútòfò lẹ́yìn tí ilé ti jó. Kódà bí owó tún rọ̀ díẹ̀ sí i, IV tó ń rọlẹ̀ lè jẹ èrè rẹ̀ tán.

Ìgbà mìíràn wà tí IV ga tí kì í ṣe ẹ̀rù rárá. Ṣáájú ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, gbogbo ọ́pṣọ̀n tí yóò kọjá ọjọ́ ìbò ní láti gbé owó ọjọ́ kan tó lè mì púpọ̀. Bí a ṣe lè mọ̀ ni pé a ó wo àwọn ọjọ́ ìparí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èyí tó parí ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ bá rọ̀, tí èyí tó parí lẹ́yìn rẹ̀ sì wọ́n, ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n ń san owó fún.

Ó sì yẹ ká mọ irú ìpín tí a ń wò. Èyí tí wọ́n fi òwò ọjọ́ kan ṣírò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi àdéhùn tó ṣì wà nílẹ̀ ṣírò. Òwò ńlá kan ṣoṣo lè yí ti àkọ́kọ́ padà lọ́jọ́ tí ọjà bá tutù. Ti èkejì kì í tètè yí, àfi ní ọjọ́ Jimọ̀ ní aago 8 àárọ̀ UTC, tó jẹ́ aago 9 nílẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àdéhùn ọ̀sẹ̀ náà ń parí lórí Deribit. Ní Jimọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ọ̀pọ̀ àdéhùn máa ń pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín náà á sì fò tàbí kó já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí èrò rẹ̀ padà.