Bí òbí ṣe lè yẹ iṣẹ́ ìpín gígùn wò nínú ìwé ọmọ

Òkun o, ẹ̀yin òbí àwọn ọmọ Pírámárì 5. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń gbé bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí ni ìpín gígùn, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní lọ́ńgì dífísọ̀n. Òbí tí kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́ pàápàá lè mọ̀ bóyá ọmọ gbà á, nítorí ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ nìkan la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ka iṣu lọ́jà ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan: 4841 ÷ 12. Ẹ kà á sí hóró kaṣú 4841 tí ènìyàn 12 fẹ́ pín dọ́gba. Nínú ìwé ọmọ, 4841 ló ń gbé inú ilé, 12 dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdáhùn sì jókòó sórí òrùlé. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí nìyí bí ọmọ bá gbà á:

```
      403
12 ) 4841
     48
     --
      04
       0
      --
       41
       36
       --
        5
```

Ọwọ́ òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀. 4 kéré jù fún 12, nítorí náà ọmọ mú 48 papọ̀. 12 wà nínú 48 lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kọ 4 sórí òrùlé, lókè 8 gan-an, ó yọ 48 kúrò nínú 48, kò ku nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó fa 4 tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. 12 ò sí nínú 4, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá kò sí, nítorí náà ó kọ òdo sórí òrùlé kó tó fa nọ́ńbà mìíràn. Ó wá fa 1 wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4, ó di 41. 12 wà nínú 41 lẹ́ẹ̀mẹta, 36 nìyẹn, ó ku 5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba hóró 403, hóró 5 ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ mú èyí tó wà lórí òrùlé, ẹ fi èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi èyí tó ṣẹ́ kù lé e. Ohun tó wà nínú ilé ló gbọ́dọ̀ jáde. 403 lọ́nà 10 jẹ́ 4030, 403 lọ́nà 2 jẹ́ 806, àpapọ̀ wọn 4836. Ẹ fi 5 lé e: 4841. Ọmọ gbà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ọmọ á fo òdo àárín yẹn. Ó rí i pé 12 ò sí nínú 4, ó kàn fa 1 wálẹ̀ láìkọ ohunkóhun sókè, ìdáhùn rẹ̀ wá di 43, ó ku 5. Gbogbo àyọkúrò tó wà nísàlẹ̀ ló tọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó. Ṣùgbọ́n 43 lọ́nà 12 jẹ́ 516, pẹ̀lú 5 ó di 521. Hóró 4320 ti sọnù. Bí ẹ bá bi ọmọ léèrè ẹni tó kó kaṣú yòókù lọ, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé nǹkan kan ò tọ́.

Ọ̀nà kan wà láti ká èyí mọ́ kí ọmọ tó parí iṣẹ́. Níbi tó ti kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sórí òrùlé, kí ó ka iye nọ́ńbà tó wà nínú ilé láti abẹ́ ibẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Lókè 8 ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 8, 4 àti 1: mẹ́ta. Nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, òdo kan ti sá lọ.

Àṣìṣe kejì burú jù fún òbí, nítorí ó máa ń gba abẹ́ ìyẹ̀wò kọjá. Ọmọ dé 41, ó rò pé 12 wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ 24, ó ku 17. Ìdáhùn rẹ̀: 402, ó ku 17. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 402 lọ́nà 12 jẹ́ 4824, pẹ̀lú 17 ó di 4841 géérégé. Òbí á fi àmì sí i pé ó gbà á, èmi olùkọ́ wọn á sì fagi lé e lọ́jọ́ kejì, ọmọ á wá máa wò wá bí ẹni pé a fẹ́ yan án jẹ. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé hóró 17 ṣì wà nílẹ̀ láàárín ènìyàn 12. Oníkálukú ṣì lè mú ẹyọ kan sí i, ìpín náà ò tíì tán. Èyí tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn ná, kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá dọ́gba pẹ̀lú 12 gan-an, kò tíì tó.

Àwọn òbí kan máa ń fi fóònù ṣe é. Bí ẹ bá tẹ 4841 ÷ 12 sórí fóònù, 403.41666 ló máa jáde, ẹ̀yin á sì rí i pé ọmọ kọ "ó ku 5", ẹ̀yin á ní kò gbà á. Ìkan náà ni wọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn àmì kóńkó yẹn ni hóró 5 tí fóònù gé pín láàárín ènìyàn 12. Kì í ṣe pé hóró 4 ló ṣẹ́ kù. Ohun tó dára ni kí ẹ fi fóònù ṣe ìsọdipúpọ̀: 403 × 12 + 5.

Bí iye tó jáde bá fi 10 péré yàtọ̀ sí ti inú ilé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ má yáwó dáadáa nígbà tó ń yọ kúrò: 41 tí a yọ 36 kúrò nínú rẹ̀ ló sọ di 15. Nígbà yẹn 4851 ló máa jáde. Ẹ wo àyọkúrò ìkẹyìn kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Ìyẹ̀wò yìí ò lè rí ọmọ tó ṣi ìbéèrè kọ. Ẹni tó kọ 4814 dípò 4841 á pín in, á ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bára mu, síbẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè tí a fún un. Nítorí náà, ẹ fi ìwé rẹ̀ wé ohun tí a kọ sójú pátákó tàbí ohun tó wà nínú ìwé kíkà rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rọ́bà nu ún. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ṣìnà, kí ọmọ tún un ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá rí 43 àti 403 lórí ojú ewé kan náà, mo mọ̀ pé òdo ni wàhálà ọmọ náà, ibẹ̀ la sì máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.